Ṣé kí ìyá mi yọ owó ìsọ̀ kí n fi lọ kàwé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìyá mi ń ta léèsì àti ànkárá ní ọjà Gbági, n'Ibadan. Èmi ni mo ń bá wọn kọ ìwé àwìn, èmi náà ni mo ń wo álẹ́ẹ̀tì tó bá wọlé. Yunifásítì kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù, ti gbà mí fún másítà ọlọ́dún kan. Owó ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ £17,000, wọ́n fún mi ní sikọ́láṣípù £5,000. Ìyá mi ní kí n máa lọ ní oṣù kẹsàn-án, pé àwọn á yọ ìyókù nínú ìsọ̀. Ṣé kí n lọ, àbí kí n dúró tì wọ́n?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, kú oríire. Lójú tèmi, má fi owó ìsọ̀ lọ ní oṣù kẹsàn-án yìí. Ẹ̀dínwó lórí owó ilé-ẹ̀kọ́ lásán ni wọ́n fún ọ. Kò kan oúnjẹ, ilé, físà tàbí owó bàálù. Jẹ́ ká ṣírò ìyókù bí àwọn tó ń wo físà yóò ṣe ṣírò rẹ̀.

Owó ilé-ẹ̀kọ́ tó kù jẹ́ £12,000. Fún ẹni tí kò gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, £1,171 ni wọ́n ń kà fún oúnjẹ àti ilé lóṣù, oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n sì máa kà fún ọ. Ìyẹn £10,539. Pa méjèèjì pọ̀, ó di £22,539. Owó físà kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó ìlera, tó jẹ́ £776 fún ọdún kan, tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà fún gbogbo àkókò físà.

Ibi tó ti kan ìyá rẹ gan-an nìyí. Owó yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì rẹ tàbí tiwọn fún ọjọ́ 28 tó tẹ̀ léra. Tó bá jẹ́ tiwọn, wàá fi ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ àti lẹ́tà pé wọ́n yọ̀ǹda owó náà kún un. Bó bá lọ sílẹ̀ ju iye yẹn lọ fún ọjọ́ kan péré, wọ́n lè tìtorí ẹ̀ kọ físà. Ṣé ìwọ náà mọ bí owó aṣọ ṣe ń rìn? Ó wọlé láàárọ̀, kó tó dalẹ́ ẹni tó kó ẹrù wá ti gbà á. Ìsọ̀ lè kún dé òrùlé, aṣọ tó wà lórí pẹpẹ kò wọ inú ìṣirò wọn, àwìn tó wà níta kò wọ̀ ọ́. Kí ìyá rẹ tó rí irú owó bẹ́ẹ̀ kó jọ, àfi kí wọ́n ta ọjà ní gbàǹjo, kí wọ́n sì má rí owó ra ti Kérésìmesì, nígbà tí àwọn aláṣọ ẹbí ń wá kiri.

Má sì gbọ́kàn lé e pé wàá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ san án padà. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni òfin fàyè gbà nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Òwò ara ẹni kò sí nínú ohun tí físà akẹ́kọ̀ọ́ gbà, torí náà kí ìyá rẹ máa fi léèsì ránṣẹ́ kí o máa tà á níbẹ̀ lè ba físà rẹ jẹ́. Mo ti rí àwọn òbí tó gbé gbogbo ètò wọn ka orí èyí, ó sì dùn mí.

Ohun tí màá ṣe ni pé màá kọ̀wé sí yunifásítì náà lọ́sẹ̀ yìí pé kí wọ́n sún ààyè mi síwájú, kí n sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá £5,000 náà yóò tẹ̀ lé e, torí nígbà mìíràn kì í tẹ̀ lé e. Màá wá kọ orúkọ sí sikọ́láṣípù tó ń san gbogbo rẹ̀. Chevening, tí ìjọba ìlú Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe, ń san owó ilé-ẹ̀kọ́, owó bàálù àti owó oṣooṣù. Ó máa ń ṣílẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Ó ń béèrè ìrírí iṣẹ́ tó tó wákàtí 2,800, ó sì ní kí o padà sílé fún ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀kọ́, èyí tí inú ìyá rẹ lè dùn sí.

Kí àkókò ìrìn àjò rẹ tó dé, gbé iṣẹ́ rẹ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí o ṣì wà nítòsí. Ohun tí ìsọ̀ yóò pàdánù ni ohun tó wà lórí rẹ tí kò sí nínú ìwé: ta ló jẹ gbèsè tí kì í san àfi tí o bá pè é, ta ló máa ń sọ pé òun ti fi owó ránṣẹ́. Kọ gbogbo onígbèsè sílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù, irú aṣọ, ọjọ́ tó gbà á àti iye tó ti san. Kọ́ àbúrò rẹ tàbí ọmọọṣẹ́ pé álẹ́ẹ̀tì nìkan kò tó láti fi gbé aṣọ fún oníbàárà. Kó wo iye tó wà nínú àkáǹtì gan-an. Lẹ́yìn náà jẹ́ kó dá ìwé yẹn kọ fún oṣù kan, má fọwọ́ kàn án. Ní ìparí oṣù, ẹ ka aṣọ tó kù, ẹ fi wé owó tó wọlé àti àwìn tó wà nínú ìwé. Bí iye wọn bá dọ́gba, ìsọ̀ lè dúró láìsí ìwọ. Bí kò bá dọ́gba, wàá rí ibi tó ti ń jò, wàá sì ṣì wà nílé láti dí i.

Kí ìyá rẹ má san owó àsansílẹ̀ kankan fún yunifásítì náà kí ìdáhùn lẹ́tà yẹn tó dé. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kì í dá a padà àfi tí wọ́n bá kọ físà, wọn kì í sì í ka àyípadà ọkàn kún un.