Ohun tí kílò mẹ́fà lè ṣe sí ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o. Ìyá mi jẹ́ ẹni ọdún 58. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru náà sì wà lára wọn. Kílò 92 ni wọ́n. Daonílì, Glúkófáàjì àti amilódípìnì ni wọ́n ń lò. Dókítà ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi kílò 6 sílẹ̀ ná. Ṣé kílò 6 tó nǹkan kan lára ẹni tó sanra tó báyìí? Ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ó tó nǹkan dáadáa. Ẹ lè máà rí ìyàtọ̀ lára aṣọ wọn, nítorí pé apá tàbí ìdí kọ́ ni ọ̀rá tó ń da ṣúgà rú wà. Inú ẹ̀dọ̀ ló wà, ibẹ̀ ló sì ti máa ń tètè kúrò bí oúnjẹ bá dín kù.

Lóru, nígbà tí a ò jẹun, ẹ̀dọ̀ ló ń tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ kí ọpọlọ má bàa ṣaláìní. Ínsúlíìnì ló ń dá a dúró nígbà tó bá tó. Tí ọ̀rá bá ti kún inú ẹ̀dọ̀, kì í gbọ́ ti ínsúlíìnì mọ́, á kàn máa tú ṣúgà jáde ṣáá. Ìdí nìyẹn tí ìyá yín fi lè fi ebi sùn kí ṣúgà àárọ̀ wọn ṣì jẹ́ 160. Ní ọdún 2011, Ọ̀jọ̀gbọ́n Roy Taylor àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Newcastle, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ènìyàn 11 tó ní àtọ̀gbẹ ní oúnjẹ tí kò ju nǹkan bí 600 kálórì lóòjọ́. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ṣúgà àárọ̀ wọn ti wálẹ̀ dé ti ẹni tí kò ní àìsàn náà. Kí ẹnikẹ́ni má dán irú oúnjẹ yẹn wò nílé o. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé ṣúgà lè wálẹ̀ kí òṣùwọ̀n tó fi ohun tó jọjú hàn. Ọ̀rọ̀ oògùn ìyá yín so mọ́ èyí, màá dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá inú ikùn máa ń fún kídìnrín mọ́ra, ó sì ń mú kí ara di iyọ̀ àti omi mú. Ohun tí àkójọ àwọn àyẹ̀wò fi hàn ni pé bí kílò kan bá kúrò, nọ́ńbà òkè máa ń wálẹ̀ ní nǹkan bí ẹyọ kan. Nítorí náà, tí tiwọn bá jẹ́ 150 lónìí, ẹ máa retí nǹkan bí 144 lẹ́yìn kílò 6. Ó lè dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n nínú àwọn àyẹ̀wò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n kó jọ tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2021, ẹyọ 5 péré tó kúrò nínú nọ́ńbà òkè dín ewu àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kù ní bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ náà ṣe é sọ. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ lé ènìyàn 5,145 tó sanra tó sì ní àtọ̀gbẹ. Àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ láti jẹ́ kí ara fúyẹ́ fi ìdá 8.6 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn sílẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, A1C wọn, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn hàn, sì wálẹ̀ láti nǹkan bí 7.3 sí 6.6. Àmọ́ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín wọn àtàwọn yòókù. Ara tó fúyẹ́ kì í rọ́pò oògùn ọkàn àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí ìyá yín má sọ amilódípìnì nù nítorí pé aṣọ ti ń gbòòrò lára wọn.

Ẹ béèrè ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Daonílì ni, kí ẹ tó fọwọ́ kan gààrí rárá. Èmi náà ń bá àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru gbé, ibẹ̀ ni mo sì ti mọ̀ pé ohun tí wọn kì í sọ fún ènìyàn nìyí. Daonílì máa ń fipá mú ara láti tú ínsúlíìnì jáde, yálà ènìyàn jẹun tàbí kò jẹun, agbára rẹ̀ sì lè wà lára di ọjọ́ kejì. Iye tí dókítà kọ fún wọn, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀ ló fi díwọ̀n rẹ̀. Tí oúnjẹ bá dín kù tí oògùn kò sì dín, ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì. Ẹ pe dókítà, ẹ sọ fún un pé, “A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dín oúnjẹ màmá kù láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí la ó ṣe sí Daonílì?” Ó lè gé e sí ìdajì, ó sì lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe é fúnra yín. Glúkófáàjì nìkan kì í sábà fa irú èyí.

Tí òógùn tútù bá bò wọ́n, tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, tí ebi òjijì mú wọn tàbí tí ọ̀rọ̀ wọn ń dàrú, ẹ yẹ ṣúgà wò lójú ẹsẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá ka iye tó kéré sí 70 mg/dL, ẹ po síbí ìjẹun kan ṣúgà tó kún dáadáa sínú omi kí wọ́n mu ún. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Tí kò bá tíì kọjá 70, ẹ tún fún wọn. Tó bá ti gòkè, kí wọ́n jẹun. Nítorí pé Daonílì ni, ó tún lè já lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ láti dá sùn, ẹ gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Tí wọn kò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má fi ohunkóhun sí wọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni.

Ó wá kan oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ẹ̀bà sílẹ̀ lọ bá àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí wíìtì, tí wọ́n á sì máa jẹ òkèlè kan náà tàbí èyí tó jù ú lọ, torí wọ́n gbọ́ pé ìyẹn ni ti alátọ̀gbẹ. Gààrí, èlùbọ́ iṣu, èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìyẹ̀fun wíìtì, èyíkéyìí nínú wọn tẹ́ ẹ bá wọn 100 gíráàmù rẹ̀ ní gbígbẹ, kálórì inú rẹ̀ kò jìnnà sí 350. Wọ́n lè yàtọ̀ ní bí wọ́n ṣe ń tètè gbé ṣúgà sókè, ṣùgbọ́n ní ti kí ara fúyẹ́, iye ló ṣe pàtàkì ju irú rẹ̀ lọ.

Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n ń lò ní ilé ìdáná. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni kí ẹ máa wọ̀n, kì í ṣe òkèlè tó ti jinná, torí pé omi tí a fi rò ó máa ń yàtọ̀ lójoojúmọ́. Ká ní ìyá yín ń jẹ ẹ̀bà lọ́sàn-án àti àmàlà lálẹ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 150 gíráàmù. Ẹ sọ ọ́ di 100 gíráàmù. Ìyẹn ti yọ nǹkan bí 350 kálórì lóòjọ́. Ọbẹ̀ ló kù. Síbí ìjẹun kan òróró tàbí epo pupa jẹ́ nǹkan bí 120 kálórì. Ẹ fi síbí wọ̀n ọ́n sínú ìkòkò dípò kí ẹ máa dà á láti inú ìgò. Tí síbí kan àbọ̀ bá kúrò nínú ìpín tiwọn lóòjọ́, 180 nìyẹn. Àpapọ̀ jẹ́ 530, èyí tó máa ń mú nǹkan bí ìdajì kílò kúrò lọ́sẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kó tó wá rọra dín kù. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ni kí ẹ fọkàn sí fún kílò 6.

Ẹ fi ẹ̀fọ́, ilá, ẹja àti ẹ̀wà dí àyè tí òkèlè fi sílẹ̀, kí ebi má baà pa wọ́n, kí ẹran ara wọn má sì jó dànù. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gúsí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ni òróró kí ẹ tó da epo kankan lé e lórí. Ibẹ̀ ni kálórì tí ẹ rò pé ẹ ti yọ máa ń gbà padà wọlé.

Ẹ máa wọn ara wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tọ̀, kí wọ́n tó jẹun. Omi ló pọ̀ jù nínú ohun tó bá lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má kà á sí. Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn wọn fara ti nǹkan, kí apá sì wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà. Aṣọ ẹ̀rọ tó kéré ju apá lọ máa ń ka iye tó ga ju òtítọ́ lọ, nítorí náà ẹ fi téèpù wọn apá wọn, kí ẹ sì ra èyí tó bá a mu. Tí òòyì bá ń kọ́ wọn nígbà tí wọ́n bá dìde, ẹ wọ̀n ọ́n ní ìjókòó, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta tí wọ́n dúró. Tí nọ́ńbà òkè bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wálẹ̀, ó ṣeé ṣe kí oògùn ti pọ̀ jù fún wọn, dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́.

Irú rírù kan wà tí kì í ṣe ohun ayọ̀. Tí kílò bá ń já kíákíá láìjẹ́ pé ẹ dín oúnjẹ kù, tí òùngbẹ ń gbẹ wọ́n tí wọ́n sì ń tọ̀ lemọ́lemọ́, ṣúgà ló ń bá ìtọ̀ lọ, ara sì ti ń jẹ ara rẹ̀. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni. Àgbo tó ń mú ènìyàn yàgbẹ́ náà, omi ló ń gbé lọ, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ kò mọ̀ ọ́n lára, kídìnrín ló ń jìyà rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á kúrò lọ́wọ́ wọn.

Àwọn aládùúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, “Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ń rù? Ṣé kò sí nǹkan?” Mo ti rí àwọn tó tìtorí ìbéèrè yìí padà sí oúnjẹ àtijọ́. Ẹ tètè sọ fún wọn nílé pé wọ́n á gbọ́ ọ, kí wọ́n sì mọ èsì tí wọ́n máa fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè náà, ẹ lọ yẹ ṣúgà àárọ̀ yín wò, torí pé àtọ̀gbẹ máa ń rìn nínú ẹbí. Tó bá wà láàárín 100 sí 125, ẹ kò tíì ní in, ṣùgbọ́n ẹ wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló wà nínú àyẹ̀wò tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2002. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n lé bá ni kí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara kúrò, kí wọ́n sì máa rìn kíákíá fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Iye àwọn tó wọnú àtọ̀gbẹ láàárín wọn fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí wọ́n fún ní oògùn asán. Ìwọ̀n yẹn náà ni kí ẹ fi ṣe tiyín. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kílò 80, nǹkan bí kílò 5 àbọ̀ ni.