«Ra» àbí «rà»? Bí ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń yí padà nínú gbólóhùn

Ìbéèrè: «Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí mi sí, Faransé ni mo fi lọ sí iléèwé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń ka Yorùbá ni. Ìwé atúmọ̀ èdè mi kọ ‹rà›, ó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí mò ń kà, ‹Mo ra ẹja› ni mo rí, kò sí àmì kankan lórí ‹ra›. Nígbà tó di ìlà kejì, ‹Mo rà á›. Ṣé àṣìṣe ìtẹ̀wé ni, àbí ọ̀rọ̀ méjì ni, tí ìtumọ̀ wọn yàtọ̀?»

Ẹni tó tẹ ìwé yín kò ṣe àṣìṣe, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà sì ni. Ohùn ìsàlẹ̀ ni «rà» ní tirẹ̀, bí ìwé atúmọ̀ èdè yín ṣe wí. Ohun tó bá tẹ̀ lé e nínú gbólóhùn ló ń gbé e sókè sí àárín tàbí tó ń fi í sílẹ̀ níbi tó wà.

Ẹ fojú inú wo ara yín nídìí igbá ẹlẹ́ja. Ó bi yín pé: «Ṣé ẹ máa ra ẹja yìí?» Ẹ ní: «Mo ti rà á.» Ẹni tó jókòó tì í kò gbọ́ dáadáa, ó béèrè pé: «Kí ni wọ́n rà?» Ẹ fún un lésì: «Ẹja ni mo rà.» Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀kan péré ló bọ́ sí àárín. Ìgbà àkọ́kọ́ ni, torí pé «ẹja» tẹ̀ lé e gbágbágbá. Nígbà kejì, «á» ló tẹ̀ lé e, arọ́pò-orúkọ lásán. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta àti ẹ̀ẹ̀kẹrin, ohun tí wọ́n rà ti sáré lọ síwájú, ó fi «rà» sílẹ̀ ní òun nìkan, ohùn rẹ̀ sì padà sí ìsàlẹ̀.

Gbogbo òfin náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá jẹ́ onísílébù kan, tí ohùn rẹ̀ jẹ́ ti ìsàlẹ̀, tí ọ̀rọ̀-orúkọ tó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun tí ìṣe náà kàn, sì tẹ̀ lé e, ohùn àárín ni a ó fi pè é. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gba owó, tí a sì ń gbà á. Tí a ń pe ọmọ, tí a sì ń pè é. Tí a ń wo ilé, tí a sì ń wò ó. Àbọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ yòówù tó bá ṣáà tẹ̀ lé e. «Ó sùn ní ilé» kò di «sun», torí pé ẹnikẹ́ni kì í sun ilé bí ẹni sun ẹran. Ibi tó sùn sí ni «ní ilé» ń sọ.

Ẹ wo arọ́pò-orúkọ náà dáadáa, torí òun pàápàá kì í dúró lójú kan. «Mo rà á», «Mo jẹ ẹ́», ṣùgbọ́n «Mo rí i», láìsí àmì lórí «i». Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá wà lókè, arọ́pò-orúkọ á bọ́ sí àárín. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá wà ní àárín tàbí nísàlẹ̀, arọ́pò-orúkọ á gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni «Ó rí mi» ṣe yàtọ̀ sí «Ó pè mí». «Yín» nìkan ló ń ṣe bí àgbà, kì í yẹsẹ̀: «Mo rí yín», «Mo pè yín», òkè ló wà nígbà gbogbo.

Ẹ béèrè bóyá ìtumọ̀ yàtọ̀. Ní ti «rà», kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà: bí «rà» bá lè di «ra», ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ kọ̀ náà á di «kọ», yóò sì bá «kọ» mìíràn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà fi gègé sórí bébà. Ẹni tó bá kọ̀, kò gbà ni. Nígbà tí mo bá wá sọ pé «Ó kọ lẹ́tà náà», èwo ni mo ń wí? Ó lè jẹ́ òun ló kọ ọ́, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n gbé e wá fún un ni, ó ní òun kò gbà. Àmì tí ẹ rí níbẹ̀ kan náà ni, ohùn tí ẹ máa gbọ́ kan náà ni. Kò sí bí etí ṣe lè mú tó tí yóò fi yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ohun tó ń yà wọ́n ni pé kí ẹ yọ ọ̀rọ̀-orúkọ náà kúrò nídìí ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹ fi arọ́pò-orúkọ rọ́pò rẹ̀, ẹ ó gbọ́ «Ó kọ ọ́» fún ẹni tó fi gègé kọ, «Ó kọ̀ ọ́» fún ẹni tí kò gbà. Tàbí kí ẹ gbé lẹ́tà náà síwájú: «Lẹ́tà náà ni ó kọ», «Lẹ́tà náà ni ó kọ̀». Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹlẹ́ẹ̀kẹta kún un, «Ó kọ́ ọ» ni ti ilé tí wọ́n kọ́. Ẹ rí i pé «ọ» yẹn kò ní àmì mọ́, nítorí «kọ́» ti gba òkè.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí má kúrò lọ́kàn mi ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa. Bàbá wa àgbà kan wá kí àwọn ẹbí ní Kétu, ó lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àtẹ̀jíṣẹ́ àbúrò ìyá mi wọlé sórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi ní Àjàṣẹ́: «A ti sin baba.» Ẹ̀gbọ́n mi sọ fóònù sílẹ̀, ó figbe ta. Aládùúgbò sáré wọlé. Èmi ni mo pe Kétu padà, ìyá náà sì gbé e bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pátápátá. Mo béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá. Ó ní: «Kí ló ṣe wọ́n? A sìn wọ́n dé ibùdókọ̀ láàárọ̀ yìí, wọ́n á ti dé ilé báyìí.»

«Sìn» tó sọ lórí fóònù yẹn, ìsàlẹ̀ ni, ti ẹni tó ń sin àlejò sọ́nà. Ká ní «A sin wọ́n» ló wí, pẹ̀lú ohùn àárín, ẹkún la bá ti máa sun. Àwọn kan nínú ẹbí ní fóònù tí kò ní àmì ohùn ló fa gbogbo rẹ̀. Èmi kò gbà. Ká tilẹ̀ ní ó fi gbogbo àmì sí i, «A ti sin bàbá» náà ni ìbá kọ, yálà ó sin ín ni o, tàbí ó sìn ín, nítorí «bàbá» jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ó sì ti gbé «sìn» sókè. Àfi kó ti kọ «dé ibùdókọ̀» mọ́ ọn. Arọ́pò-orúkọ tó lò lórí fóònù, «wọ́n» tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ló jẹ́ kí ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe náà hàn sí mi.

Ibì kan tún wà tí ẹ ó ti kọsẹ̀ bí ẹ bá ń kàwé lọ. Ẹ ó rí «sìnkú» àti «ìsìnkú», àmì ìsàlẹ̀ wà lórí wọn, ẹ ó sì rò pé mo parọ́ nígbà tí mo ní «sin» ti òkú wà ní àárín. «Sin òkú» ni wọ́n pa pọ̀. Fáwẹ̀lì «ò» tó bẹ̀rẹ̀ «òkú» ti lọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò bá a lọ, ó dúró, ó sì bà lé «sin». Irú rẹ̀ ni «kọ ìwé» tó di «kọ̀wé», tí a ti rí «akọ̀wé». Ẹni tó ń fi gègé ṣiṣẹ́ ni akọ̀wé, kì í ṣe ẹni tó kọ ìwé sílẹ̀ pé òun kò fẹ́, láìka àmì ìsàlẹ̀ yẹn sí. «Kàwé» tilẹ̀ pẹ́ lójú ọ̀nà ju ìyẹn lọ: «kà» ni tẹ́lẹ̀, ó di «ka ìwé», ohùn «ì» tún fà á padà wálẹ̀. Bí fáwẹ̀lì tó lọ bá wà ní àárín, bí «ra aṣọ» tó di «raṣọ», kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀-ìṣe tó lẹ̀ mọ́ orúkọ, ẹ kọ́kọ́ tú u sí méjì kí ẹ tó wá ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè.

Ẹ ní Faransé lẹ fi lọ sí iléèwé, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí mo ti rí i lójú ọ̀pọ̀ ọmọ Àjàṣẹ́ tó ń kàwé sókè. Nínú Faransé, «é» àti «è» kì í ṣe ohùn, fáwẹ̀lì méjì ni: «é» dún bí «e» wa, «è» dún bí «ẹ» wa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ Savè sára pátákó ojú ọ̀nà, wọ́n fi «è» yẹn dúró fún «ẹ», kò sọ nǹkan kan fún yín nípa ohùn. «É» ara Kétou náà, fáwẹ̀lì ni wọ́n fi ń tọ́ka sí. Nínú Yorùbá, àmì orí kì í yí fáwẹ̀lì padà. Kókó ìsàlẹ̀ ló ń sọ «e» di «ẹ». Nínú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tó ti wà láti ọdún 1975, «ɛ» ni wọ́n ń kọ dípò «ẹ», «ɔ» dípò «ọ». Bí ìwé tí ẹ ń kà bá jẹ́ ti ibẹ̀, «kɔ̀» ni ẹ ó rí dípò «kọ̀», àmì orí rẹ̀ kò sì yí padà.

Ẹ wá ka gbólóhùn yìí sókè: «Mo pè é.» Ojú tí Faransé ti kọ́ yóò rí fáwẹ̀lì méjì níbẹ̀, ẹnu yóò sì sọ «Mo pẹ e», tí ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ohun tó jọ. Fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn «p» yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ló dún, ìsàlẹ̀ kí òkè tó tẹ̀ lé e.