Yíyọ iye jáde nínú àwòrán àtẹ ọ̀pá

Sikirinṣọ́ọ̀tì àtẹ ọ̀pá nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣé mo lè mọ iye ọ̀pá kọ̀ọ̀kan?

Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ iye tó sún mọ́ ọn ni wàá rí. Ṣí i nínú ètò tó ń fi ipò píksẹ́lì hàn (láti òkè ni wọ́n ti ń kà á), kí o wo ìlà méjì tí iye wà lára wọn. Ká ní ìlà 0 wà ní 410, ìlà 100 sì wà ní 110: píksẹ́lì 3 ló dúró fún 1. Bí orí ọ̀pá bá wà ní 203:

```
(410 - 203) / 3 = 69
```

Etí ọ̀pá sábà máa ń ṣú díẹ̀. Bí ìwọ̀n rẹ bá lè fi píksẹ́lì 2 yẹ̀, kọ 69 ± 0.7, má kọ 69.00. Ìṣirò yìí kò bá àtẹ tí ìlà rẹ̀ ń lọ ní 1, 10, 100 mu.