Gbèdéke ìdáhùn, àkókò àti aṣọ nínú lẹ́tà ìpè síbi ìsọmọlórúkọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. A fẹ́ sọ ọmọ wa lórúkọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí. Báwo ni mo ṣe lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìpè pé kí àwọn ènìyàn fèsì kí ọjọ́ kan pàtó tó kọjá, tí kò fi ní dà bí ẹni pé mò ń pàṣẹ fún àwọn àgbà? A tún fẹ́ kí wọ́n tètè dé, kí aṣọ wọn sì bára mu.

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ọmọ tuntun. Gbèdéke tí a kò sọ ìdí rẹ̀ ló máa ń dún bí àṣẹ. Bí ẹ bá sọ fún àwọn tí ẹ ń pè pé ọjọ́ báyìí ni ẹ gbọ́dọ̀ sọ iye ènìyàn fún ẹni tó ń se oúnjẹ, kò sí àgbà tí yóò bínú sí i, nítorí òun náà mọ̀ pé a kì í se oúnjẹ fún iye tí a kò mọ̀.

Láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń se oúnjẹ yìí náà ni kí ẹ ti ka ọjọ́ padà sẹ́yìn. Ká ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá, ló fẹ́ gbọ́ iye ènìyàn. Ẹ fi odindi Ọjọ́rú sílẹ̀ láti fi pe àwọn tí kò fèsì, nítorí wọn kò ní ṣàìsí. Gbèdéke yín yóò wá bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá. Bí lẹ́tà bá tẹ àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú, ọjọ́ karùn-ún, wọ́n ti ní òpin ọ̀sẹ̀ láti fi rò ó. Ẹ kọ orúkọ ọjọ́ àti déètì pọ̀ níbi gbogbo, kí ẹni tó bá ṣi ọ̀kan kà lè fi èkejì mọ̀.

Nọ́ńbà ẹnì kan ṣoṣo ni kí ẹ fi síbẹ̀, kó má sì jẹ́ ti ìyá ọmọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kò yẹ ní ẹni tí fóònù ń dún sí létí látàárọ̀, bí èsì bá sì pín sọ́dọ̀ ẹni mẹ́ta, kò sí ẹni tí yóò mọ iye tó pé.

Ní ti àkókò, ẹ má kọ aago kan ṣoṣo. Orúkọ gan-an kì í pẹ́ sọ, ẹni tó bá sì fi wákàtí kan pẹ́ lè bá oúnjẹ nìkan. Ẹ kọ ìgbà tí àwọn ènìyàn yóò jókòó àti ìgbà tí a ó sọ orúkọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ti aṣọ, "búlúù" nìkan kò tó, nítorí oríṣiríṣi ni búlúù. Ẹ ṣàlàyé èyí tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì sọ bóyá dandan ni. Èmi kì í gba ènìyàn nímọ̀ràn láti sọ ọ́ di dandan, nítorí ẹlòmíràn yóò torí aṣọ jókòó sílé láìsọ ìdí.

Bí lẹ́tà náà ṣe lè rí nìyí:

> Ẹ̀yin ènìyàn wa ọ̀wọ́n,
>
> Tayọ̀tayọ̀ ni ìdílé wa fi ń pè yín síbi ìsọmọlórúkọ ọmọ wa tuntun, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta, ọdún 2026, ní (àdírẹ́sì).
>
> A ó jókòó ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀, a ó sì sọ ọmọ lórúkọ ní aago mẹ́wàá géérégé. Oúnjẹ yóò tẹ̀ lé e.
>
> Aṣọ funfun tàbí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú ọ̀run ni a yàn. Ẹni tí kò bá ní in kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ ra tuntun. Ẹ wọ èyí tó bá wù yín.
>
> Ní Ọjọ́bọ̀ ni a ó sọ iye àlejò fún àwọn tó ń se oúnjẹ. Nítorí náà, a bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí a gbọ́ bóyá ẹ ó lè wá, àti iye ẹni tí ẹ ó jọ wá, tọmọdé tàgbà, kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá. Ẹ pe (orúkọ) tàbí kí ẹ kọ̀wé sí i lórí (nọ́ńbà).
>
> Àwa òbí ọmọ

Gbólóhùn nípa iye ẹni tí wọ́n jọ ń bọ̀ ni ẹ kò gbọdọ̀ fò. Èsì "a ń bọ̀" láti ilé kan lè jẹ́ ẹni méjì, ó sì lè jẹ́ ẹni méje.

Fún àwọn àgbà ìdílé, ẹ yí ìpínrọ̀ ìkẹyìn lẹ́tà náà padà. Ẹ kọ ọ́ pé, "A ó pè yín ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti gbọ́ èsì yín." Gbèdéke náà kò yí padà, ẹ̀yin lẹ gbé wàhálà rẹ̀ rù. Ó sì dára kí wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín kí lẹ́tà tó dé.

Ní Ọjọ́rú, kí ẹni tó ń gba èsì pe àwọn tó ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá ní òun kò tíì mọ̀, ẹ kà á mọ́ àwọn tó ń bọ̀; ẹni tí ẹ pè lẹ́ẹ̀mejì tí kò gbé fóònù, ẹ má kà á mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ fi àga díẹ̀ kún iye tí ẹ kọ sílẹ̀.