Iye Àwọn Tó Farapa Nìkan Kò Tó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Prójẹ́ẹ̀tì mi dá lórí ìfarapa nínú eré ìdárayá ilé ìwé. Ní táàmù kan, ọmọ 12 farapa nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, 4 péré ló farapa nínú fọ́líbọ́ọ̀lù. Ṣé mo lè kọ ọ́ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ léwu ní ìlọ́po 3 ju fọ́líbọ́ọ̀lù lọ? Tàbí kí n wá àkòrí mìíràn?

Ìdáhùn: Má pààrọ̀ àkòrí, ọmọ mi. Ìṣirò rẹ ló wọ́, irú rẹ̀ ò sì jẹ́ tuntun sí mi mọ́, kódà nínú iṣẹ́ tí wọ́n ti fọwọ́ sí.

Ẹni tó bá pẹ́ lórí pápá ni ewu máa ń bá jù. Nítorí náà, mélòó ló farapa nìkan kò tó. Wákàtí mélòó ni gbogbo àwọn ọmọ náà fi ṣeré lápapọ̀? Fi iye wákàtí pín iye ìfarapa, kí o sì sọ ọ́ di púpọ̀ ní ìlọ́po 1,000.

Ká ní ọmọ 40 ló ń gba bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí 2 nígbà kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ 10. Wákàtí 2,400 nìyẹn. Ìfarapa 12 nínú rẹ̀ jẹ́ 5 fún wákàtí 1,000. Ká ní ọmọ 20 ló ń gba fọ́líbọ́ọ̀lù, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wákàtí kan péré, fún ọ̀sẹ̀ 10 kan náà. Wákàtí 400 lèyí. Ìfarapa 4 nínú rẹ̀ jẹ́ 10 fún wákàtí 1,000. Eré tí o pè ní èyí tó fúyẹ́ ti wá léwu ní ìlọ́po 2!

Ṣùgbọ́n má tíì yọ̀. Tí 2 nínú àwọn 4 yẹn bá jẹ́ pé wọ́n kàn họ lẹ́sẹ̀, tí wọ́n sì tún ṣeré lọ́jọ́ kejì, 5 ló kù fún wákàtí 1,000, eré méjèèjì á sì bára dọ́gba. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìfarapa sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó rọrùn jù ni pé kí o ka ọmọ tí kò lè ṣe ìdánrawò tàbí ìdíje tó kàn ní kíkún. Ìwọ̀nba ìfarapa 4 náà kéré jù láti fi dájọ́. Sọ bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ.

Jọ̀wọ́, má fi ìwé ìbéèrè bi àwọn ọmọ ní ìparí táàmù. Wọ́n á ti gbàgbé. Máa mú rẹ́jísítà lọ sórí pápá, torí ọmọ 40 inú ìwé lè jẹ́ 30 lórí pápá, èyí á sì sọ 5 yẹn di nǹkan bíi 6.7. Ya ìdíje sọ́tọ̀ kúrò lára ìdánrawò, nítorí ìfarapa sábà máa ń pọ̀ ju ti ìdánrawò lọ níbi ìdíje bọ́ọ̀lù.

Gba àṣẹ ilé ìwé àti òbí kó o tó kọ ohunkóhun, kí alábòójútó rẹ sì fọwọ́ sí ètò náà. Ìwọ kì í ṣe dókítà o. Ọmọ tó bá forí gbá, tí òyì ń kọ́ ọ tàbí tó ń ṣe ràdàràdà, kò gbọ́dọ̀ padà sórí pápá lọ́jọ́ náà. Ní kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, lẹ́yìn náà ni kó o wá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ.