Aago ni kí ẹ máa fi fún wọn ní mọ́fíìnì, ẹ má dúró de igbe

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Màmá mi ní jẹjẹrẹ ọmú, ó sì ti dé egungun ẹ̀yìn wọn. Trámádọ́ọ̀lù kò ran ìrora náà mọ́, ni dókítà bá fún wọn ní mọ́fíìnì olómi. Ara ìgò kọ 5mg/5ml, wọ́n ní kí wọ́n máa mu mílílítà 5 ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń tọ́jú wọn ní Kábà ní oògùn olóró ni, ìgbà tí wọ́n bá ké nìkan ló ń fún wọn. Ní báyìí, aago ni wọ́n ń wò ṣáá, wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́. Ṣé ó ti di bárakú fún wọn ni?

Ìdáhùn: Ọ̀kun o. Nínú ohun tí ẹ sọ yìí, n kò rí bárakú. Ìrora tí a kò tíì kápá ni mo rí, bí ẹ̀gbọ́n yín sì ṣe ń fún wọn lóògùn ló dá kún un.

Mọ́fíìnì olómi máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, agbára rẹ̀ a sì tán ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Ká ní màmá mu ún ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Tó bá fi di aago méjì ọ̀sán, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Màmá á mú un mọ́ra, nítorí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé oògùn ti di bárakú fún wọn. Ní aago mẹ́rin, wọ́n ké. Ẹ̀gbọ́n bá gbé ìgò, ó tún ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ara tó rọ̀ wọ́n. Wákàtí méjì àbọ̀ nìyẹn tí egungun ti ń jẹ wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì tún rí ní alẹ́. Ẹni tí ebi ń pa, tí wọ́n ní kò ní jẹun àfi tó bá sunkún, ojú rẹ̀ kò ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

Ẹni tí oògùn ti di bárakú fún yóò máa wá a kiri bí ó tilẹ̀ ń ba ilé àti iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, kódà nígbà tí ibì kankan kò dùn ún. Ẹni tí jẹjẹrẹ ń jẹ lẹ́gungun yàtọ̀: tí ìrora bá lọ sílẹ̀, ẹ̀bẹ̀ náà á tán. Á jókòó, á wẹ̀, á béèrè ọmọ-ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n mu ún déédéé bí dókítà ṣe kọ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ wá wò ó bóyá wọ́n ṣì ń wo aago.

Mi ò dá ẹ̀gbọ́n yín lẹ́bi. Gbogbo wa la ti rí ohun tí trámádọ́ọ̀lù ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ wa ní ibùdókọ̀, a sì rántí pé ní 2018 ìjọba fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ tó ní kódìínì àti gbígbé e wọ orílẹ̀-èdè yìí. Ìbẹ̀rù yẹn ní ìdí. Bárakú lè ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn jẹjẹrẹ náà, àgàgà ẹni tí ọtí tàbí oògùn ti bá fínra tẹ́lẹ̀. Tí irú rẹ̀ bá wà nínú ìtàn màmá, ẹ sọ fún dókítà, kò ní torí ẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀ nínú ìrora. Ẹ̀rí kan tún wà tó máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Tí ẹ bá dá mọ́fíìnì dúró lójijì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, wọ́n lè máa làágùn, kí imú máa ṣomi, kí inú máa ṣí. Ara tó ti mọ́ ọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe bárakú. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà máa ń dín in kù tí kò bá sí ìrora mọ́, fún àpẹẹrẹ lẹ́yìn tí ìtọ́jú onítànṣán bá ti mú ìrora egungun rọlẹ̀.

Àkàbà oògùn ìrora tí Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 1986 ni dókítà yín ń gùn. Parasitámọ́ọ̀lù àti àwọn bí ibuprofẹ́ẹ̀nì wà ní ìsàlẹ̀, kódìínì àti trámádọ́ọ̀lù wà láàárín, mọ́fíìnì ló wà lókè. Kò túmọ̀ sí pé ẹni tó dé òkè ti fẹ́ kú. Bí ìrora bá ṣe le tó la fi ń mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn sì máa ń lo mọ́fíìnì fún oṣù púpọ̀. Tí a bá gun òkè, a kì í sábà ju parasitámọ́ọ̀lù nù, ó ń ran mọ́fíìnì lọ́wọ́. Trámádọ́ọ̀lù ni ẹ gbọ́dọ̀ bi dókítà bóyá kí wọ́n fi sílẹ̀. Ẹ má fi méjèèjì pa pọ̀ fúnra yín.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìwọ̀n tiwọn ṣe ìṣirò. Nínú ìgò yín, mílílítà kan ni mílígíráàmù kan. Mílígíráàmù 5 lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́ jẹ́ 30. Dókítà tún máa ń kọ ìwọ̀n àfikún fún ìrora tó bá já wọlé kí àkókò tó pé, ìdá kan nínú mẹ́fà ti gbogbo ọjọ́, ìyẹn 5. Tí wọ́n bá lo àfikún lẹ́ẹ̀mẹta lónìí, 30 di 45. Tí dókítà bá rí i nínú ìwé yín pé bẹ́ẹ̀ ni ojoojúmọ́, ó lè pín 45 sí mẹ́fà, kó sọ ìwọ̀n di 7.5. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín ní ìwé kékeré kan: aago tí wọ́n mu ún, iye mílílítà, bí ìrora ṣe rí láti òdo dé mẹ́wàá. Síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ni kó fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí ọbẹ̀. Ẹ má fi kún un láìbi dókítà.

Ní ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n lè máa sùn púpọ̀, èébì sì lè máa gbé wọn. Ó sábà máa ń kọjá, oorun tí ìrora ti fi dù wọ́n sì wà lára rẹ̀. Ìgbẹ́ gbígbẹ ni kì í kọjá, nítorí mọ́fíìnì ń fa ìfun lọ́wọ́ sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń lò ó. Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ló yẹ kí wọ́n ti máa mu oògùn tó ń mú ìgbẹ́ yá, bíi bisakodíìlì tàbí sẹ́nà. Ìbẹ́pẹ nìkan kò tó o.

Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù rèé: oorun tí ẹ pè, tí ẹ gbọ̀n wọ́n, tí wọn kò jí dáadáa. Ẹ ka èémí wọn fún ìṣẹ́jú kan. Tí kò bá tó mẹ́wàá, ẹ má fún wọn ní ìwọ̀n tó kàn, ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù kíákíá. Kó tó dé ibẹ̀, ara sábà máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n pìrìpìrì, wọ́n á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ìtọ̀ á dín kù. Kídìnrín ló ń gbé mọ́fíìnì jáde, tí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, oògùn á kó jọ. Ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà. Ọtí, àgbo tó ní ọtí nínú, àti oògùn oorun tí ẹnikẹ́ni bá mú wá, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí wọn.

Inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kí ìgò máa gbé, kí ẹ fi ìlà sàmì sí ibi tí oògùn dé ní alalẹ́. Ọ̀dọ́ tó wà nínú ilé ni ewu mọ́fíìnì pọ̀ fún jù. Tó bá ṣẹ́kù, ẹ dá a padà sí ilé oògùn ọsibítù.

Nítorí pé egungun ẹ̀yìn ni, ẹ tún ṣọ́ ẹsẹ̀ wọn. Tí ẹsẹ̀ bá rọ, tàbí ó kú tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, tàbí wọn kò lè tọ̀, jẹjẹrẹ lè ti máa tẹ okùn ọ̀pá ẹ̀yìn nìyẹn. Mọ́fíìnì kò lè wo ìyẹn sàn. Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù ńlá ní Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la.