Akoto tó ti bá yín ṣubú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀

"Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣubú lórí ọ̀kadà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìpàkọ́ mi gbá ilẹ̀. Akoto mi kàn họ díẹ̀ ni, kò là. Ṣé mo ṣì lè máa lò ó? Tí mo bá fẹ́ ra òmíràn ńkọ́, kí ni kí n máa wò?"

Ẹ kú ewu o. Ẹ má dé akoto yẹn mọ́. Tí orí bá ń fọ́ yín láti ọjọ́ náà, tàbí tí èébì ń gbé yín, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ.

Ike tó le lóde nìkan kọ́ ló ń gba orí là. Fóòmù tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, irú fóòmù funfun tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣàn mọ́ inú páálí. Bí orí bá gbá nǹkan, fóòmù yẹn á rún, rírún tó rún ló sì ń gba agbára tí ì bá dé ọpọlọ. Tó bá ti rún, kì í wú padà. Bí ibẹ̀ bá tún gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò sí ohun tó kù tó máa rún.

Yanrìn gbé èmi náà ṣubú lọ́nà Mọ́níyà, ẹ̀gbẹ́ orí mi sì gbá etí gọ́tà. Lóde, ọ̀dà akoto mi bó díẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo délé, mo yọ aṣọ inú rẹ̀, mo wá ń fi àtàńpàkò tẹ fóòmù náà yípo. Gbogbo rẹ̀ le, àfi ọ̀kánkán ibi tó gbá gọ́tà: ó ti rì wọlé, ó ń dán ju ibi tó kù lọ, ìlà tín-ín-rín kan sì là á kọjá. Ẹ lè yẹ tiyín wò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá rí nǹkan kan, ẹ má tìtorí ìyẹn dé e. Ìhà tó kọjú sí ike lè ti rún, ojú ò sì lè débẹ̀.

Ní ti ríra, bó ṣe bá orí mu ló ṣáájú, torí akoto tó tóbi lè ti bọ́ kí orí tó kan ilẹ̀. Ẹ fi téèpù tẹ́lọ̀ yí orí ká, kó fi bí ìka kan ga ju irun òkè ojú lọ níwájú, kó sì gba ibi tí ìpàkọ́ ti yọ jù lẹ́yìn. Tèmi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 58. Ilé iṣẹ́ kan á pe ìyẹn ní M, òmíràn á pè é ní L, nítorí náà nọ́ńbà ni kí ẹ wò. Ẹni tó bá ń dirun, irun tó máa ń gbé gun ọ̀kadà ni kó gbé lọ wọ̀n ọ́n.

Tí ẹ bá dé e, ó yẹ kó fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín dáadáa. Ẹ mi orí: awọ iwájú orí gbọ́dọ̀ bá akoto lọ. Ẹ wá de okùn àgbọ̀n rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tì í láti ìpàkọ́ síwájú. Tó bá yọ, ẹ gbé e fún wọn padà. Tí kò bá yọ, ẹ dé e fún bí ìṣẹ́jú 15 nínú ṣọ́ọ̀bù, bí ọlọ́jà tiẹ̀ ń bojú jẹ́. Mo ti fi èyí tó bá ìwọ̀n mi mu sílẹ̀ rí, torí ó ń gún mi láàárín iwájú orí. Aṣọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń rọ̀ tó bá yá, fóòmù líle kì í rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá wo àmì rẹ̀. Ti Yúróòpù wà lára bébà aṣọ tí wọ́n rán mọ́ okùn àgbọ̀n: lẹ́tà E àti nọ́ńbà orílẹ̀-èdè nínú òbìrí, bíi E3 fún Ítálì tàbí E4 fún Nẹ́dálándì. Nọ́ńbà gígùn tó tẹ̀ lé e máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 05 tàbí 06. Òfin tuntun ni 06, ìdánwò rẹ̀ sì le jù. Tí ẹ bá rí P lára rẹ̀, apá tó bo àgbọ̀n náà yege ìdánwò. Tó bá jẹ́ NP, kò lè dáàbò bo àgbọ̀n. Ti Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn ló wà: orúkọ ilé iṣẹ́ àti irú akoto, DOT, FMVSS No. 218 àti CERTIFIED. Ẹ má gba sítíkà tó kàn ní DOT nìkan gbọ́, wọ́n ń tà á lọ́tọ̀. Tí fóòmù inú kò bá tó sẹ̀ǹtímítà méjì àtààbọ̀ nínípọn, tí akoto náà sì fúyẹ́ lódì, ayédèrú ni, ohun yòówù kí sítíkà máa sọ.

Èmi ò ní ra tòkunbọ̀, kódà kí àmì rẹ̀ pé, torí ẹni tó ń tà á fúnra rẹ̀ ò mọ ohun tó ti gbá rí. Ẹ gé okùn àgbọ̀n ti àtijọ́ yìí kí ẹ tó jù ú nù, kí ẹlòmíràn má baà ṣà á lọ tà. Èyí tó bá kàn já bọ́ láti orí àga ọ̀kadà, láìsí orí nínú rẹ̀, kì í sábà bàjẹ́. Ẹ yẹ fóòmù rẹ̀ wò, kí ẹ máa lò ó lọ, àmọ́ tó bá ti lo ọdún 5, ẹ pààrọ̀ òun náà.